Oṣù Méjì Tí Ẹ Fi Pamọ́ Sínú Àkámọ́

Ìyá Ọmọ l'Óṣogbo, ojú ìwé mẹ́rin ni lẹ́tà yín. Ẹ fi kan sunkún, ẹ fi kan ro ẹjọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ yín, ẹ sì fi ìyókù bèèrè bóyá ọmú yín kò lóúnjẹ nínú mọ́. Àmọ́ ohun tó bí mi nínú wà ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé kejì, nínú àkámọ́, níbi tí ẹ ti kọ ọ́ pé: "(ó kánjú dé díẹ̀, ọ̀sẹ̀ 32 ni oyún rẹ̀ nígbà tí mo bí i)." Ẹ kọ ọ́, ẹ kọjá lọ, ẹ kò sì dárúkọ rẹ̀ mọ́ títí lẹ́tà fi parí. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ṣíwájú gbogbo ẹjọ́ lẹ kó sínú àkámọ́!

Ẹ ní nọ́ọ̀sì gbé ọmọbìnrin yín sórí ìwọ̀n, ó jẹ́ kílò 6.4. Ó ka oṣù rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ bí i, ó jẹ́ 9. Ó fi bírò kan káàdì, àmì náà sì bọ́ sábẹ́ ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá, èyí tí wọ́n kọ 3 sí. Bí ẹ ṣe délé lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọmọ yín "kò gba 3 nínú 100". Ta ló sọ fún yín pé máàkì ìdánwò ni? Ká ní a kó ọmọbìnrin 100 jọ, tí ara gbogbo wọn le, tí oṣù wọn dọ́gba, tí a wá tò wọ́n láti orí ẹni tó fúyẹ́ jù lọ dé orí ẹni tó wúwo jù lọ. Ẹni tó bá wà lórí ìlà 3 ni ẹni kẹta láti ìsàlẹ̀, ẹni tó bá wà lórí ìlà 50 sì wà láàárín. Bí ìlà bá wà, ẹnì kan ní láti dúró sí ipò kẹta, ẹlòmíràn ní láti dúró sí ipò kẹsàn-án, ara wọn sì le koko. Òótọ́ ni pé bí àmì bá bọ́ sábẹ́ ìlà 3, ó yẹ kí òṣìṣẹ́ ìlera dúró, kó bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ìyá. Ọ̀rọ̀ bíbéèrè yẹn ni wọn kò ṣe fún yín. Kàkà bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí ẹ lọ máa fún ọmọ ní oúnjẹ dáadáa, wọ́n pe ẹni tó kàn.

Ọkọ yín náà ní ìlà òyìnbó ni wọ́n fi ń wọn ọmọ dúdú. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ìlà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2006 kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Orílẹ̀-èdè mẹ́fà ni wọ́n ti wọn àwọn ọmọ náà: Gánà tó wà nítòsí wa níbí, Bùràsíìlì, Íńdíà, Ómánì, Nọ́wè àti Amẹ́ríkà. Ọmọ ọmú ni wọ́n, ilé tí oúnjẹ àti ìtọ́jú wà ni wọ́n sì ti yàn wọ́n, gígùn wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Ohun tó yẹ kí bàbá ọmọ tọ́ka sí ni pé àwọn ọmọ tí wọ́n tẹ̀ lé dàgbà láti ọjọ́ ìbí yẹn, kò sí èyí tí wọ́n bí ṣáájú ọ̀sẹ̀ 37. Nítorí náà, oṣù 9 tí wọ́n kọ sórí káàdì, oṣù 9 lẹ́yìn oyún tó pé ni. Ti ọmọ yín kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò tí wọn kò ṣe. Ọ̀sẹ̀ 40 la máa ń ka oyún sí. Ẹ yọ 32 nínú rẹ̀, ó ku ọ̀sẹ̀ 8, ìyẹn bí oṣù méjì. Oṣù méjì yẹn ló yẹ kí ọmọ náà ṣì lò nínú yín, òun la sì gbọ́dọ̀ yọ kúrò nínú 9 kí bírò tó kan káàdì. Ó di oṣù 7. Ní oṣù 7, ìlà 3 àwọn ọmọbìnrin wà ní kílò 6.1, ìlà 15 sì wà ní 6.7. Kílò 6.4 bọ́ sí àárín àwọn méjèèjì. Ọmọ tó kéré ni, mi ò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n kò sí lábẹ́ ìlà 3.

Ẹ ṣeun tí ẹ da àwọn ìwọ̀n tó ti kọjá kọ sẹ́yìn lẹ́tà, torí àmì kan ṣoṣo kò lè sọ ibi tí ọmọ ń lọ. Nígbà tó pé oṣù 5 láti ọjọ́ ìbí, ó jẹ́ kílò 4.7. Ní oṣù 7, ó jẹ́ 5.7. Ní oṣù 9, ó jẹ́ 6.4. Ẹ sún ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn ní oṣù méjì, wọ́n á di oṣù 3, oṣù 5 àti oṣù 7, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì bọ́ sáàárín ìlà 3 àti ìlà 15, tí wọ́n ń gòkè bí ìlà ti ń gòkè. Bí a kò bá tilẹ̀ sún wọn rárá, ẹni tó bá fara balẹ̀ wo káàdì yẹn á rí nǹkan. Ní oṣù 5, ọmọ yín fi kílò 0.8 dín sí ìlà 3. Ní oṣù 7, ó fi 0.4 dín. Ní oṣù 9, 0.2 péré ló kù. Ó ń lé e bá! Káàdì tí ẹ ń sunkún lé lórí ń sọ fún yín pé ọmọ yín ń lé ìlà bá, kò sì sẹ́ni tó kà á.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ńkọ́? Wọ́n ní ọmọ tiwọn jẹ́ kílò 8.9 ní oṣù 9. Ọkùnrin ni ọmọ tiwọn, àbí? Lórí káàdì ọkùnrin, kílò 8.9 ni ìlà 50 ní oṣù yẹn. Lórí ti obìnrin, 8.2 ni. Ọmọ wọn wà ní ipò àárín gbùngbùn láàárín àwọn ọkùnrin tí oyún wọn pé, ó dáa, kí wọ́n máa yọ̀. Kí ló wá kan ọmọ yín níbẹ̀? Ìgò oògùn olómi tí wọ́n gbé wá pé ó ń mú ọmọ jẹun, ẹ dá a padà tàbí kí ẹ dà á nù. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń kun ọmọ lóorun, kì í sì í ṣe oògùn ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì. Bí wọ́n bá bínú, kí wọ́n kọ̀wé sí mi.

Nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ níbi ìwọ̀n ọmọ, wọ́n gbé ọmọkùnrin kan wá tí ó pé ọdún kan. Kílò 8.0 ni, àmì rẹ̀ wà lókè ìlà 3, ẹni tó wọ̀n ọ́n sì ti ní kí ìyá rẹ̀ máa lọ ilé. Mo gba káàdì náà wò. Ní oṣù 6, kílò 7.9, orí ìlà 50 gan-an. Ní oṣù 9, 8.0, ó ti já sí ìlà 15. Nísinsìnyí tó pé oṣù 12, 8.0 náà ni. Fún oṣù mẹ́fà gbáko, ọmọ náà kò wúwo sí i ju kílò 0.1 lọ, ìlà rẹ̀ sì tẹ́ lọ gbọọrọ nígbà tí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gòkè. Mo bi ìyá rẹ̀ léèrè ohun tó ń jẹ. Ògì ni, tó ṣàn bí omi, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Kò sí ẹ̀wà nínú rẹ̀, kò sí edé, kò sí ẹyin. Ọmọ yẹn wà nínú ìlà, ewu sì wà lórí rẹ̀. Ọmọ tiyín wà lábẹ́ ìlà lójú nọ́ọ̀sì, ó sì ń gòkè. Ilẹ̀ yìí ni ìmọ̀ yẹn ti gbilẹ̀, ẹ gbọ́: ní Iléṣà àti Ìmẹ̀sí-Ilé ni Dókítà David Morley ti ṣiṣẹ́ lórí irú káàdì yìí láàárín àwọn ọdún 1950 sí 1960, tí ó ní kí ìyá máa tọ́jú rẹ̀ sílé, kí òṣìṣẹ́ sì máa wo ibi tí ìlà dojú kọ. Ó yani lẹ́nu pé àwa gan-an là ń wo àmì kan tí a sì ń gbàgbé ìlà.

Ohun kan wà tí mo wá tì nínú lẹ́tà yín: gígùn ọmọ. Ìwọ̀n nìkan kò lè sọ bóyá ọmọ kúrú ni tàbí ó rù. Ní ìwọ̀n tó ń bọ̀, ẹ ní kí wọ́n wọn gígùn rẹ̀. Lórí pákó ni wọ́n ti ń ṣe é, ní ìdùbúlẹ̀, torí kò tíì pé ọdún méjì. Ẹni méjì ló ń ṣe é: ọ̀kan á di orí rẹ̀ mú kó kan pákó òkè, èkejì á rọra tẹ orúnkún rẹ̀ kí ẹsẹ̀ nà tán, kó tó sún pákó ìsàlẹ̀ kan àtẹ́lẹsẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n na téèpù lé ọmọ tó ń ta ẹsẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, iye tí wọ́n kọ kò wúlò. Fún kílò náà, kí wọ́n bọ́ aṣọ rẹ̀ tán, pẹ̀lú ìlédìí tó ti tutù.

Ẹ fi bírò pupa kọ "ọ̀sẹ̀ 32" sí òkè káàdì, kí ẹ sì máa yọ oṣù méjì títí tó fi máa pé ọdún méjì. Àmọ́ ẹ má yọ ọ́ nídìí abẹ́rẹ́ àjẹsára o! Ọjọ́ ìbí ni wọ́n ń tẹ̀ lé níbẹ̀. Kí ẹ sì bi wọ́n léèrè nípa oògùn ẹ̀jẹ̀, torí èròjà ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ tí oyún rẹ̀ kò pé gbé wáyé kì í tó. Bí ìlà rẹ̀ bá tẹ́ ní ìwọ̀n méjì léraléra, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ kódà lẹ́yìn tí ẹ ti yọ oṣù méjì, ẹ má dúró dè mí, ẹ gbé e lọ bá dókítà ọmọdé.

Ní ti ọmú yín, kílò 1.7 lẹ bí ọmọ yìí. Ẹ sọ ọ́ fúnra yín pé ẹ gbé e sí àyà yín fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ẹ ń fún wàrà sínú ife kékeré nítorí pé kò lè fà á. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ta ló bọ́ ọ? Ẹ máa fún un lọ́mú lọ, kí ògì rẹ̀ ki, kí ẹ̀wà lílọ̀ àti edé wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì sùn lálẹ́ òní. Ẹ kọ̀wé sí mi tí wọ́n bá ti wọ̀n ọ́n tán, ẹ fi gígùn rẹ̀ kún un.