Ẹ̀KỌ́: PÍLÁSÍTÀ ÀTI ṢÌNGỌ́Ọ̀MÙ FÚN ẸNI TÍ Ó Ń FI SÌGÁ SÍLẸ̀

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ̀kọ́ wa lónìí dá lórí oògùn méjì tí a lè lò pọ̀ láti fi sìgá sílẹ̀, àti bí a ṣe ń dín wọn kù. Nikotíìnì ni ó ń so amusìgá mọ́ sìgá, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ ni ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn jẹ́ jù lọ. Nítorí náà ni àwọn oníṣègùn ṣe ń fún ènìyàn ní nikotíìnì láìsí èéfín, tí wọ́n sì ń dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ méjì? Pílásítà nikotíìnì ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. A ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara láàárọ̀, oògùn inú rẹ̀ a sì máa gba awọ wọlé fún wákàtí 24. Ṣùgbọ́n òùngbẹ sìgá a máa dé lójijì, lẹ́yìn oúnjẹ tàbí nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Pílásítà kò lè yára pàdé rẹ̀. Ṣìngọ́ọ̀mù nikotíìnì ni ó lè ṣe é láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn olùwádìí ti dán èyí wò lára ènìyàn tí ó ju 11,000 lọ: níbi tí ènìyàn 8 bá ti fi oògùn kan ṣoṣo bọ́ lọ́wọ́ sìgá, bí 10 ni ó ń fi méjèèjì bọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi awakọ̀ danfó kan tí ó ń ná Ojúẹlẹ́gba sí Yábà ṣe àpẹẹrẹ. Ó ń mu sìgá 20 lóòjọ́, ó sì ń tan èkíní kí ó tó pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ó jí. Nítorí pé sìgá rẹ̀ ju 10 lọ, pílásítà mílígíráàmù 21 ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. Nítorí pé ó ń tètè mu ti àárọ̀, ṣìngọ́ọ̀mù mílígíráàmù 4 ni tirẹ̀; ẹni tí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ a lo 2.

Bí a ṣe sábà máa ń ṣètò rẹ̀ nìyí. Láti ọjọ́ tí ó bá fi sìgá sílẹ̀, yóò lo pílásítà 21 fún ọ̀sẹ̀ 6, 14 fún ọ̀sẹ̀ 2, àti 7 fún ọ̀sẹ̀ 2. Ẹyọ 42, 14 àti 14 nìyẹn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 70, kí ó lè mọ iye owó tí yóò tọ́jú. Ẹni tí kò mu ju 10 lọ lóòjọ́ a bẹ̀rẹ̀ láti orí 14 fún ọ̀sẹ̀ 6, kí ó tó lo 7 fún ọ̀sẹ̀ 2.

Ìgbà tí òùngbẹ bá dé ni awakọ̀ wa yóò jẹ ṣìngọ́ọ̀mù. Ní ọ̀sẹ̀ 6 àkọ́kọ́, ó lè tó ẹyọ kan ní wákàtí kan sí méjì. Lẹ́yìn náà, yóò fà á sí wákàtí 2 sí 4, nígbẹ̀yìn sí wákàtí 4 sí 8, títí yóò fi parí ní ọ̀sẹ̀ kejìlá. Pílásítà ni ó kọ́kọ́ ń tán. Ṣìngọ́ọ̀mù ni ó ń ṣọ́ ẹ̀yìn.

Kì í ṣe bí a ṣe ń jẹ ṣìngọ́ọ̀mù ọmọdé ni a ń jẹ ẹ́. A ó rọra rún un títí yóò fi ta lẹ́nu bí ata, a ó sì fi í sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí títa náà bá rọlẹ̀, a ó tún rún un, títí di bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹni tí ó bá ń sáré rún un yóò gbé oògùn mì, ọ̀súkè àti àyà títa ni yóò sì rí. Kọfí tàbí mínírà kì í jẹ́ kí ẹnu gba oògùn náà. Kí ó ti tó ìṣẹ́jú 15 tí a mu wọ́n, kí a má sì mu wọ́n nígbà tí ó wà lẹ́nu.

Òógùn a máa ṣí pílásítà. Ibi gbígbẹ tí kò nírun, tí a kò fi òrí tàbí páúdà pa, ni kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́, kí a fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kí a sì máa pààrọ̀ ibẹ̀ lójoojúmọ́. Bí àlá burúkú bá ń dani láàmú, a lè ṣí i kí a tó sùn. Kí ẹni tí ó ń jẹ obì tàbí tí ó ń mu kọfí púpọ̀ dín in kù pẹ̀lú, nítorí pé nígbà tí a bá fi sìgá sílẹ̀, agbára wọn a máa pẹ́ lára jù ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọn a sì máa lé oorun.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé oògùn kéré ni ìbínú, àìfarabalẹ̀ àti òùngbẹ tí kò dáwọ́ dúró. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn ìgbà tí awakọ̀ wa bọ́ sí 14 ni ó rí èyí, ó lè bá apoògùn sọ̀rọ̀ kí ó padà sí 21 fún ìgbà díẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, èébì a máa gbé ni, òòyì a máa kọ́ni, àyà a máa lù kìkì: kí ó dá ṣìngọ́ọ̀mù dúró, kí ó ṣí pílásítà, kí ó sì rí dókítà bí kò bá rọlẹ̀.

Aboyún, ẹni tí àrùn ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù, àti ẹni tí ó ń lo oògùn àìsàn ọpọlọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà. Kí a wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí kí a tó sanwó. Nikotíìnì ṣì kù nínú pílásítà tí a ti lò. Kí a ká a pọ̀ kí ojú tí ó ń lẹ̀ wà nínú, kí a sì jù ú síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó.