Ẹ̀yin Ájẹ́ǹtì Ilé, Ẹ Ṣọ́ra fún Ohun Tí Ẹ Ń Gbé Síta Lóṣooṣù

Ọ̀pọ̀ ilé ló wà n'Ìbàdàn, láti Bẹẹrẹ títí dé Ọjà'ba, tí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri wọn gàdàgbà pé "Ilé yìí kì í ṣe títà." Ẹni tó ń gba ẹsẹ̀ òkè Mápó kọjá lójoojúmọ́ lè má rí i mọ́. Ṣùgbọ́n ájẹ́ǹtì tó bá fẹ́ máa polówó ilé àdúgbò yìí lórí Fesibúùkù àti Wásáàpù gbọ́dọ̀ tún un kà dáadáa. Kì í ṣe gbájúẹ̀ àjèjì nìkan ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ọmọ ilé ni wọ́n kọ ọ́ fún jù.

Àwọn ájẹ́ǹtì wa kan ti ń ṣètò ìpolówó oṣù kan báyìí. Wọ́n á gbé ilé síta lọ́jọ́ Ajé, ìmọ̀ràn lọ́jọ́rú, ìtàn oníbàárà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ohun méjìlá. Ètò náà dára, kò sì ni ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn káàkiri lára jù. Ibi tó ti ń kó wọn sí wàhálà ni pé ọjọ́ ti wà nílẹ̀ kí ilé tó wà. Bó bá di alẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí àyè ọjọ́ Ajé ṣì ṣófo, ohun tó bá wà nínú fóònù ni wọ́n á gbé síta.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan ṣe àpẹẹrẹ: yàrá kan àti pálọ̀ nínú ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́, lẹ́yìn Bẹẹrẹ. Ọ̀dọ́kùnrin kan mú kọ́kọ́rọ́ wá, ó ní, "Bọ̀dá, ilé bàbá bàbá wa ni, ẹ bá wa wá ayálégbé sí i." Kò parọ́ o. Ilé bàbá bàbá rẹ̀ ni lóòótọ́, ó sì tún jẹ́ ilé bàbá bàbá àwọn mìíràn tí wọ́n wà ní Èkó, ní Kánò àti ní ìlú òyìnbó. Bí ẹ bá gbé àwòrán ilé náà síta láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan nínú wọn ti rí i kó tó di ọ̀sán. Ipè tó máa kọ́kọ́ wọlé lè má jẹ́ ti ẹni tó ń wá ilé rárá.

Nítorí náà, kí ẹ tó ya àwòrán, ẹ béèrè ta ló ń gba owó ilé náà tẹ́lẹ̀, àti ta ni olórí ẹbí tàbí mọ́gàjí agboolé yẹn. Ẹ dé ọ̀dọ̀ bàbá náà fúnra yín, kì í ṣe lórí fóònù tí ọmọ náà bá bá yín pè. Ẹ béèrè orúkọ ọmọ ẹbí méjì mìíràn tó yẹ kó gbọ́ sí i, kí ẹ sì bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ kọ orúkọ gbogbo wọn àti ọjọ́ tí ẹ rí wọn sínú ìwé. Èyí lè gbà tó ọ̀sẹ̀ kan, ìdí nìyẹn tí ilé tí ẹ máa gbé síta lọ́sẹ̀ kejì fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ti yíyá nìyẹn. Bó bá jẹ́ títà, ọ̀rọ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1959, nínú ẹjọ́ Ẹkpẹ́ńdù àti Ẹ́ríkà, ni ilé ẹjọ́ ti là á mọ́lẹ̀ pé bí àwọn ọmọ ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò wáyé rárá. Bí olórí ẹbí bá dá a tà láìjẹ́ kí àwọn àgbà ẹbí gbọ́ sí i, wọ́n lè lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n sì dà á rú. Ìmọ̀ràn ọjọ́rú gidi nìyí, ó sàn ju àwọn ọ̀rọ̀ "ilẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn pàdánù" tí wọ́n ń kọ kiri.

Ẹ wá wo àwòrán fúnra rẹ̀. Ibojì bàbá àgbà wà níwájú ọ̀pọ̀ ilé wa n'Ìbàdàn. Mo ti rí àwòrán tí wọ́n gé lápá ìsàlẹ̀ kí ibojì má bàa hàn, tí wọ́n sì gé apá ọ̀tún kí gọ́tà má bàa hàn. Oníbàárà máa wọkọ̀ láti Mọ́níyà, ó máa bá ibojì lábẹ́ fèrèsé pálọ̀, ó sì máa bá ẹsẹ̀ rẹ̀ padà pẹ̀lú ìbínú. Ẹ jẹ́ kó hàn, kí ẹ sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ sọ pé kànga ni omi, pé ọkọ̀ kò dé ẹnu ọ̀nà, pé ilé ìyàgbẹ́ jẹ́ ti gbogbo ilé. Ẹ sì kọ àròpọ̀ owó. Bí owó ilé bá jẹ́ ₦200,000, tí owó ájẹ́ǹtì àti ti àdéhùn jẹ́ ₦20,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, ₦240,000 ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ₦200,000.

Ẹ kọ déètì àti nọ́ńbà yín sára àwòrán náà gan-an. Ohun tí ẹ bá fi sí sítátọ́ọ̀sì Wásáàpù á pòórá lẹ́yìn wákàtí mẹ́rìnlélógún, ṣùgbọ́n ti Fesibúùkù á wà níbẹ̀. Ẹni tó bá sì ti fi àwòrán pamọ́ sínú fóònù rẹ̀, kò sí bí ẹ ṣe lè bá a pa á rẹ́. Irú àwòrán aláìní-déètì bẹ́ẹ̀ ni gbájúẹ̀ máa ń jí, tí á fi gba "owó kí ẹ wá wo ilé" lọ́wọ́ àwọn tí kò mọ̀ yín. Ẹ fi ọjọ́rú kan kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe lè dá ojúlówó mọ̀: kí wọ́n ní kí ájẹ́ǹtì pe àwọn lórí fídíò nígbà tó bá dúró nínú yàrá náà, kó ṣílẹ̀kùn, kó sì ṣí fèrèsé. Èyí tó bá ń ṣàwáwí, kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Ìtàn oníbàárà ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ájẹ́ǹtì á kọ pé, "Màmá kan tó ń ta èlùbọ́ l'Ọjà'ba, tí ọkọ lé jáde pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, a ti bá wọn rí ilé sí Bẹ́yẹrúǹkà." Kò dárúkọ, ó rò pé ó ti fi bo àṣírí. Ta ni ọjà ò mọ̀? Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkọ ti mọ àdúgbò tí ìyàwó kó lọ. Òfin Ìdáàbòbò Ìsọfúnni ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, sọ pé ẹni tó bá gbà kí ẹ lo ọ̀rọ̀ òun lè yí ọkàn padà nígbàkigbà. Kí gbígbà náà sì lè ti ọkàn rẹ̀ wá, lẹ́yìn tí oníbàárà bá ti gba kọ́kọ́rọ́ tán ni kí ẹ béèrè, nítorí kò ní lè sọ pé rárá nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ kà á sí i létí bí ẹ ṣe fẹ́ kọ ọ́. Ẹ yọ iṣẹ́ rẹ̀, iye ọmọ rẹ̀ àti àdúgbò tuntun kúrò. Ohun tó kù tó: bí ilé ṣe ṣòro tó láti rí, ilé mélòó lẹ jọ wò, kí ló mú kó kọ àwọn kan.

Ẹ má ṣe gbé ilé tuntun síta lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kẹrin. Ẹ fi ọjọ́ yẹn pe onílé kọ̀ọ̀kan tí ẹ ti polówó ilé rẹ̀, kí ẹ sì kọ "Wọ́n ti gbà á" sórí èyí tó ti lọ. Ìpolówó ilé tó ti lọ ṣì máa ń mú ipè wá, mo mọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ayálégbé tuntun tí àjèjì ń kan ilẹ̀kùn fún lójoojúmọ́ mọ ọ́fíìsì yín, á sì wá.