Ìpolówó jẹnẹrétọ̀ àlòkù

Ìbéèrè: Mo fẹ́ ta jẹnẹrétọ̀ mi n'Ìbàdàn. Báwo ni kí n ṣe kọ iye owó àti nọ́ńbà mi?

Ìdáhùn: Tí ẹ kò bá lè gba iye tó kéré sí ₦150,000, ẹ má kọ iye yẹn, torí ibẹ̀ ni oníbàárà yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Jẹnẹrétọ̀ àlòkù, ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n okùn rẹ̀ ti já. ₦170,000, ó gba ẹ̀dínwó díẹ̀. Bódìjà.” Ní ti nọ́ńbà, ẹ lo síìmù tí kò so mọ́ báńkì yín, ẹ má sì kọ àdírẹ́sì ilé. Ẹ pàdé oníbàárà níta gbangba lọ́sàn-án. Àláàtì lè jẹ́ ayédèrú, nítorí náà ẹ wo owó nínú àkáǹtì yín kí ẹ tó gbé ọjà sílẹ̀.