Ohun Tí A Ní Là Ń Náání, Ṣùgbọ́n Kí Ni Ẹgbẹ́ Ní?

Ìparí ọdún ni àwọn ẹgbẹ́ afẹ́ máa ń ka ìwé owó nílẹ̀ Ìkálẹ̀, torí ìgbà náà ni àwọn ọmọ Òkìtìpupa tó wà l'Ékòó àti níbòmíràn ń wálé. Akápò á dìde, á ka iye tó wọlé, á ka iye tó jáde, á ní iye báyìí ló ṣẹ́ kù nílẹ̀. Bí èyí tó ṣẹ́ kù bá ju ti èṣí lọ, àtẹ́wọ́ á sọ, wọ́n á ní ẹgbẹ́ jèrè, ẹnìkan á sì ti máa dábàá aṣọ ẹgbẹ́ tuntun. Bó bá dín, wọ́n á máa fi ojú olè wo akápò. Ohun tí a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Kò sẹ́ni tí òwe yẹn ṣàjèjì sí létí. Ohun tó ń bí èèyàn nínú ni pé ẹgbẹ́ tó ń pa á lẹ́nu kò mọ ohun tó ní. Owó tó wà nínú àpótí lójú wọn rí, òun náà ni wọ́n sì ń náání.

Ìwé tí akápò kà yẹn, ìwé gbígbà-àti-sísan ni. Kò parọ́. Ohun tó ń sọ ni pé owó báyìí wọ ọwọ́ wa, owó báyìí kúrò lọ́wọ́ wa. Kò bèèrè bóyá owó tó wọlé jẹ́ ti ọdún yìí tàbí ti ọdún mìíràn, kò bèèrè ohun tí a ti jẹ ṣùgbọ́n tí a kò tíì san, kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín epo tó jó tán lóru ọjọ́ kan àti ẹ̀rọ amúnáwá tí yóò lo ọdún márùn-ún. Ìwé ìpawó-àti-ìnáwó ló ń bèèrè nǹkan wọ̀nyí. Inú ìwé kìíní la ti ń yọ ọ́, ẹgbẹ́ tó bá sì dúró sórí ìwé kìíní ti dúró sí ìdajì ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹgbẹ́ kan wò, àpèjúwe lásán ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣe máa wá orúkọ rẹ̀. Ọgọ́ta ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n, ₦12,000 ni owó ẹgbẹ́ lọ́dún. Wọ́n ń ta ọtí ní gbọ̀ngàn tí wọ́n háyà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ₦180,000 wà nílẹ̀. Láàárín ọdún, owó ẹgbẹ́ mú ₦660,000 wá, ọtí títà mú ₦1,450,000, tíkẹ́ẹ̀tì àríyá mú ₦260,000, àwọn olóyè ìlú sì dá ₦600,000 níbi ìkówójọ fún kíkọ́ ilé ẹgbẹ́. Wọ́n san ₦980,000 fún ọtí, ₦480,000 fún olùtọ́jú ọtí àti ọdẹ, ₦160,000 fún háyà gbọ̀ngàn, ₦480,000 fún epo, ₦230,000 sórí àríyá, wọ́n sì fi ₦500,000 ra ẹ̀rọ amúnáwá. Owó epo yẹn kò ní ya ará Òkìtìpupa lẹ́nu, àwa tí a lo ọ̀pọ̀ ọdún láìfojú kan iná ìjọba. Ẹ rò ó pọ̀: ₦320,000 ló kù nílẹ̀. Ó fi ₦140,000 ju ti èṣí lọ. Àtẹ́wọ́ dé nìyẹn.

Ká tó pàtẹ́wọ́, ká tú owó ẹgbẹ́ wò ná. Nínú ₦660,000 yẹn, ₦60,000 jẹ́ gbèsè ọdún 2023 tí àwọn márùn-ún ṣẹ̀ṣẹ̀ wá san. Ti èṣí ni. ₦48,000 jẹ́ ti àwọn mẹ́rin tó san ti 2025 sílẹ̀ kí wọ́n tó padà s'Ékòó. Ti ọdún tó ń bọ̀ ni, ẹgbẹ́ kò tíì ṣe ohunkóhun fún wọn tó fi lè pè é ní tirẹ̀. Ohun tó kù fún 2024 gan-an jẹ́ ₦552,000, èyí tí èèyàn mẹ́rìndínláàádọ́ta san. Mẹ́rìnlá ṣì jẹ gbèsè, ₦168,000. Ohun tó yẹ kó wọ ìwé ìpawó ni ₦720,000, ọgọ́ta èèyàn lọ́nà ₦12,000, nítorí gbogbo ọgọ́ta ló jókòó lórí àga ẹgbẹ́ lọ́dún náà.

Ibi ọtí ni wàhálà pọ̀ sí jù, ibẹ̀ sì ni ìwé gbígbà-àti-sísan ti ń tan èèyàn jù. Ẹni tó bá yọ ₦980,000 kúrò nínú ₦1,450,000 á ní ọtí mú èrè ₦470,000 wá. Ṣùgbọ́n ₦70,000 nínú ohun tí wọ́n san jẹ́ gbèsè ọtí tí wọ́n ti mu lọ́dún 2023, nígbà tí ìparí 2024 sì dé, ẹni tó ń já ọtí fún wọn ṣì ń retí ₦290,000. Nítorí náà ọtí tí wọ́n gbà lọ́dún náà jẹ́ ₦980,000, ká yọ ₦70,000, ká fi ₦290,000 kún un: ₦1,200,000. Ọtí ₦90,000 wà nílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ti ₦140,000 ṣẹ́ kù ní ìparí rẹ̀. Èyí tí wọ́n tà, iye tí wọ́n rà á jẹ́ ₦1,150,000. Èrè orí ọtí kò wá ju ₦300,000 lọ. Ìyàtọ̀ ₦170,000 yẹn, owó olówó ni wọ́n ń pè ní èrè. Ìdí rẹ̀ nìyí tó fi jẹ́ pé kíka ọtí kì í ṣe ohun tí a ń fi ojú wọ̀n. Òru ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Ọ̀pẹ, ṣọ́ọ̀ṣì ni gbogbo èèyàn wà. Àárọ̀ ọjọ́ kìíní ọdún ni kí akọ̀wé owó àti olùtọ́jú ọtí ka kéréètì, ìgò tó kún àti èyí tó ṣófo lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ìgò àkọ́kọ́.

Ti háyà kò gùn. Láti oṣù Ọ̀wàrà dé Ọ̀wàrà ni wọ́n ń san án. ₦90,000 nínú èyí tí wọ́n san ní 2023 jẹ́ ti oṣù mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ ọdún 2024. Nínú ₦160,000 tí wọ́n san lọ́dún 2024, oṣù mẹ́ta péré, ₦40,000, ló jẹ́ ti 2024. ₦130,000 ni ìnáwó ọdún náà. Ẹ̀rọ amúnáwá ńkọ́? Oṣù Agẹmọ ni wọ́n rà á, wọ́n sì retí pé yóò lo ọdún márùn-ún. A kì í kó ₦500,000 lé orí ọdún kan ṣoṣo. ₦100,000 ló ń gbó lọ́dún, ìdajì ọdún nìyí, ₦50,000. Bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ irú èyí tí kì í pé ọdún mẹ́ta kó tó kọṣẹ́, kí wọ́n pín in sí mẹ́ta. Ìgbìmọ̀ ló mọ ohun tó rà.

Ó wá ku owó ìkọ́lé. Ẹni tó dá owó fún ilé kò dá a fún epo. ₦600,000 náà kò gbọdọ̀ wọ inú ìwé ìpawó rárá. Àyè tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni, títí wọn yóò fi fi í kọ́lé.

Ẹ jẹ́ ká ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Owó ẹgbẹ́ ₦720,000, èrè ọtí ₦300,000, ohun tó ṣẹ́ kù lórí àríyá ₦30,000: ìpawó jẹ́ ₦1,050,000. Owó òṣìṣẹ́ ₦480,000, háyà ₦130,000, epo ₦480,000, gbígbó ẹ̀rọ ₦50,000: ìnáwó jẹ́ ₦1,140,000. Ẹgbẹ́ tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ti fi ₦90,000 ná ju agbára rẹ̀ lọ.

Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́ lè gba ọ̀nà kejì yẹ̀ ẹ́ wò. Kó kó ohun tí ẹgbẹ́ ní nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀ jọ: owó ọwọ́ ₦180,000, gbèsè ọmọ ẹgbẹ́ ₦60,000, ọtí ₦90,000, háyà tí a san sílẹ̀ ₦90,000, kó yọ gbèsè ọtí ₦70,000. ₦350,000 ló kù. Kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìparí ọdún: owó ọwọ́ ₦320,000, gbèsè ọmọ ẹgbẹ́ ₦168,000, ọtí ₦140,000, háyà ₦120,000, ẹ̀rọ ₦450,000, kó yọ gbèsè ọtí ₦290,000, owó tí àwọn kan san sílẹ̀ ₦48,000, àti owó ìkọ́lé ₦600,000. ₦260,000 ló kù. Láti ₦350,000 sí ₦260,000, ₦90,000 náà ni. Bí ọ̀nà méjèèjì kò bá pàdé, ohun kan ti bọ́ sílẹ̀ nínú ìṣirò, àìka ọtí dáadáa ló sì sábà máa ń fà á.

Àwọn kan á ní ẹgbẹ́ afẹ́ ni wá, a kì í ṣe kọ́ńpìnnì, kí la fẹ́ fi èrè ṣe? Òótọ́ ni, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a kì í fi í pe ohun tó kù ní èrè, bí kò ṣe àṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí kò wá èrè náà lè tú ká sórí gbèsè. Àwọn mìíràn á ní iṣẹ́ àwọn akáǹtáǹtì ni. Rárá o, àwọn ọmọ tó ń kọ́ ìṣirò owó ní sẹ́kọ́ńdìrì àgbà ń ṣe é fún ìdánwò Wáẹ̀kì. Ohun tí ẹgbẹ́ nílò lọ́jọ́ tí ọdún bá parí kò ju àkọsílẹ̀ mẹ́ta lọ: ta ló jẹ wá, ta la jẹ, kí ló ṣì wà nílẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ gan-an pẹ́ lórí kíka owó tó wọlé àti èyí tó jáde nìkan. Ọdún 2016 ni wọ́n dá fún yíyí sí ìṣirò tó ń ka gbèsè àti ohun ìní mọ́ ọn.

Àtakò kan wà tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n á ní owó ọwọ́ ṣeé kà, ṣùgbọ́n gbèsè ọmọ ẹgbẹ́, ìtàn ni. Nínú àwọn mẹ́rìnlá yẹn, bí mẹ́ta bá ti kó lọ tí wọn kò sì gbé fóònù mọ́, ₦36,000 wọn ti wọmi. Kí ìgbìmọ̀ kọ ọ́ sí ìnáwó, kí àdánù ọdún náà di ₦126,000. Àwọn ẹgbẹ́ kan tilẹ̀ wà tí kì í ka owó ẹgbẹ́ àfi èyí tó bá tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. N kò ní bá wọn jà, bí wọ́n bá ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹgbẹ́ tí kò ta ọtí, tí kò ra ẹ̀rọ, tí kò jẹ ẹnikẹ́ni, ìwé gbígbà-àti-sísan tó o.

Ibi tí èmi àti òwe náà ti yapa nìyí. Ohun tí a ní nìkan ló ní ká náání. Ṣùgbọ́n ₦320,000 ló wà nínú àpótí, ₦600,000 sì ni owó ìkọ́lé tó yẹ kó wà níbẹ̀ láìdín kọ́bọ̀. ₦280,000 nínú rẹ̀ ti lọ, ẹ̀rọ amúnáwá ti gbé e mì, kò sì sí ẹni tó dìbò fún un. Ohun tí kì í ṣe tiwa ṣùgbọ́n tó wà lọ́wọ́ wa, òun gan-an ló yẹ ká náání jù, ẹ̀yìn rẹ̀ ni èèpo igi tó lè kàn. Kí wọ́n ṣí àkáǹtì mìíràn ní báńkì fún un, kí àwọn tó ń buwọ́ lù ú yàtọ̀. Ní ti àdánù ₦90,000, orí ọgọ́ta èèyàn kò ju ₦1,500 lọ: kí owó ẹgbẹ́ di ₦13,500, tàbí kí wọ́n máa pa ẹ̀rọ amúnáwá ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ti ₦280,000 ìkọ́lé, ìgbìmọ̀ ni yóò sọ ibi tí wọn yóò ti rí i.