Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: Bí A Ṣe Ń To Aṣọ Títà Sínú Ṣọ́ọ̀bù Orí Íńtánẹ́ẹ̀tì



Ní oṣù tó kọjá, oníbàárà kan sanwó bùbá àdìrẹ aláró, sáìsì 16, nínú ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí mo lọ bá ìyá tó rán an pé kó dì í, ó ní, "Akọ̀wé, ta ló sọ fún yín pé sáìsì 16 aláró ṣì wà? Ó ti tán tipẹ́." A dá owó olówó padà, a sì bẹ̀ ẹ́. Ìyá wa kò jẹ̀bi, ẹ̀rọ náà kò sì jẹ̀bi. Èmi tí mo to ọjà ni mo tò ó bí kò ṣe yẹ. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ ká jọ yẹ ọ̀rọ̀ títo ọjà wò, pàápàá fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣí ti yín.

Ẹ̀rọ tí a fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù wa ni WooCommerce, ṣùgbọ́n òfin títo ọjà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ níbòmíràn. Ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ìsọ̀rí, ẹ̀yà àti asẹ́. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dáhùn.

1. Ìsọ̀rí: Kí ni nǹkan yìí?

Ìsọ̀rí dà bí ìlà ìsọ̀ nínú ọjà. Ẹni tó fẹ́ gèlè mọ ìlà tí yóò yà sí. Tiwa jẹ́ márùn-ún: Aṣọ Obìnrin, Aṣọ Ọkùnrin, Aṣọ Ọmọdé, Aṣọ Ọ̀pá, àti Gèlè òun Fìlà. Lábẹ́ Aṣọ Obìnrin ni Bùbá, Ìró àti Kaba wà. Ìpele méjì tó. Bí ó bá di mẹ́ta, oníbàárà tó ń fi fóònù wò ó yóò sú.

Àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo fi "Àdìrẹ" ṣe ìsọ̀rí kan. Àdìrẹ wà nínú bùbá obìnrin, ó wà nínú dàńṣíkí ọkùnrin, ó sì wà nínú aṣọ ọ̀pá. Ohun tó bá la ìlà ìsọ̀ púpọ̀ kọjá báyìí kì í ṣe ìsọ̀rí, àbùdá ọjà ni. Sáìsì náà àti àwọ̀, bákan náà. Bí a bá ní ìsọ̀rí "Bùbá Sáìsì 14" àti "Bùbá Sáìsì 16", bùbá kan ṣoṣo ni a ó máa gbé kiri ìlà mẹ́rin.

2. Ẹ̀yà: Kí ni oníbàárà gbọ́dọ̀ yàn kó tó sanwó?

Ibí yìí ni wàhálà wa ti ṣẹlẹ̀. Bùbá yẹn ní sáìsì mẹ́rin (10, 12, 14, 16) àti àwọ̀ méjì (aró àti ewé). Mẹ́rin lọ́nà méjì jẹ́ ẹ̀yà mẹ́jọ. Ẹ wo bí wọ́n ṣe wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà:

Aró: sáìsì 10, mẹ́ta, 12, márùn-ún, 14, mẹ́rin, 16, kò sí.
Ewé: sáìsì 10, méjì, 12, mẹ́ta, 14, méjì, 16, ẹyọ kan.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 20. Ohun tí mo ṣe ni pé mo lọ sí `Inventory` ti bùbá náà lápapọ̀, mo kọ 20 síbẹ̀. Lójú ẹ̀rọ, ẹ̀yà mẹ́jọ náà ń jẹ nínú 20 kan ṣoṣo. Níwọ̀n ìgbà tí 20 náà kò bá tíì tán, yóò máa ta sáìsì 16 aláró tí kò sí.

Bí ó ṣe yẹ ni pé kí a sọ ọjà náà di `Variable product`, kí a máàkì `Used for variations` fún sáìsì àti àwọ̀, lẹ́yìn náà kí a ṣí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, kí a máàkì `Manage stock?` nínú rẹ̀, kí a sì kọ iye tirẹ̀. Kí a kọ iye owó tirẹ̀ náà, nítorí sáìsì 16 ń jẹ aṣọ ju 10 lọ. Ẹ̀yà tí a kò bá kọ owó sí, oníbàárà kò ní lè rà á. Lẹ́yìn èyí, kí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ lábẹ́ `SKU`, kí a sì lẹ nọ́ńbà yìí kan náà mọ́ ọ̀rá bùbá náà nílé:

```
BUB-ARO-14
BUB-EWE-16
```

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀yà pọ̀ jù. Bí a bá fi ọwọ́ gígùn àti ọwọ́ kúkúrú kún un, mẹ́jọ di 16. Bí a bá tún fi oríṣi ọrùn mẹ́ta kún un, ó di 48, bẹ́ẹ̀ sì ni bùbá 20 péré ló wà nílẹ̀. Ohun tí a kò bá kà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nílé, kí a má sọ ọ́ di ẹ̀yà. Bí ọwọ́ gígùn bá yàtọ̀ pátápátá, ẹ jẹ́ kó dá dúró bí ọjà mìíràn.

Aṣọ ọ̀pá tí a fi ọwọ́ pa láró yàtọ̀ sí èyí. Méjì kì í jọra tán. Ẹ ya fọ́tò ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi í sí `Simple product`, iye rẹ̀ kó jẹ́ 1.

3. Asẹ́: Kí ni oníbàárà ń fi ṣẹ́ ọjà?

Ẹni tó ń sẹ ògì mọ̀ pé asẹ́ tó ya kò dá nǹkan kan dúró. Asẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì náà ń ya, bí a kò bá sọ ọ̀rọ̀ di ọ̀kan. Ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta ló kọ àwọ̀ aṣọ aláró wá fún mi. Ẹnì kan kọ "aró", èkejì kọ "dúdú", ẹ̀kẹta kọ "búlúù". Nínú Yorùbá, kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn. Ṣùgbọ́n lójú ẹ̀rọ, àwọ̀ mẹ́ta ni. Ẹni tó tẹ "búlúù" rí aṣọ mẹ́rin péré, 11 tó kù fara pamọ́.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí a má ṣe máa tẹ àbùdá sínú ọjà kọ̀ọ̀kan. Ẹ lọ sí `Products`, kí ẹ tẹ `Attributes`, kí ẹ dá Àwọ̀, Sáìsì àti Oríṣi Àdìrẹ sílẹ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ to àwọn ọ̀rọ̀ tí a gbà sábẹ́ wọn, kí a máa mú láti ibẹ̀. Èyí tí a tẹ̀ sínú ọjà kan ṣoṣo kì í tilẹ̀ jáde nínú asẹ́ rárá.

Oríṣi Àdìrẹ tiwa ni ẹlẹ́kọ àti oníko. Oníbàárà fẹ́ fi í ṣẹ́ ọjà, ṣùgbọ́n bùbá kan kò lè jẹ́ méjèèjì. Nítorí náà, asẹ́ nìkan ni, kì í ṣe ẹ̀yà. Ẹ má máàkì `Used for variations` fún un.

Bí ẹ bá parí, ẹ fi fóònù ara yín dán an wò bí oníbàárà. Ẹ yan ẹ̀yà tí ẹ mọ̀ pé ó ti tán. Bí ó bá ṣì gbà kí ẹ fi sínú apẹ̀rẹ̀, ẹ padà lọ wo ibi tí ẹ kọ iye sí. Ẹ tẹ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú asẹ́, kí ẹ ka aṣọ tó jáde. Bí ó bá dín sí ti inú ìwé yín, ọ̀rọ̀ kan wà tí a kọ lọ́nà méjì.

Ìbéèrè fún ìpàdé wa tó ń bọ̀

(a) Fìlà aṣọ òkè kan wà ní sányán, ẹtù àti àlàárì, sáìsì 21, 22 àti 23. Ẹ̀yà mélòó ni? 
(b) Ṣé "Aṣọ Òkè" yẹ kó jẹ́ ìsọ̀rí, àbí asẹ́? Kí ni ìdí rẹ̀?

Kí olúkúlùkù mú ìwé tó fi ka ọjà rẹ̀ wá.

Èmi ni,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́.