Bí Okó Bá Ń Tẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi ọkùnrin, bí okó bá ń tẹ̀ nígbà tó bá le, tí ọwọ́ yín sì ba kókó líle lábẹ́ awọ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà fọwọ́ bà á. Ó sábà máa ń jẹ́ àpá lásán, kì í ṣe àtọ̀sí. Ó lè jẹ́ pé okó ṣẹ́ díẹ̀ nígbà ìbálòpọ̀, kí ibẹ̀ sì fi àpá tí kì í nà san. Àtọ̀gbẹ náà máa ń dá kún un.

Ká ní ẹni ọdún 50 ni, tó ṣì ń dùn ún. Iṣẹ́ abẹ kò tíì yá, nítorí àpá náà ṣì ń yípadà. Oògùn ìrora ni yóò lò, kó sì máa ya fọ́tò rẹ̀ nílé nígbà tó bá le, kí dókítà lè mọ̀ bóyá ó ń tẹ̀ sí i. Bó bá dúró sójú kan fún oṣù 3 sí 6, tí kò sì jẹ́ kó lè bá ìyàwó rẹ̀ lò pọ̀, abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń gún sínú àpá láti tú u. Bí wọ́n bá fi iṣẹ́ abẹ rán ẹ̀gbẹ́ kejì, okó á tọ́, ṣùgbọ́n ó lè kúrú díẹ̀. Fítámì E tí wọ́n ń tà fún yín kò lè tọ́ ọ.