Ìbéèrè Mẹ́fà Lórí Ẹranko, Pẹ̀lú Ìdáhùn Wọn

Bí olùkọ́ bá bèèrè pé, "Irú ẹ̀dá wo ni àdàbà?" gbogbo kíláàsì ni yóò dáhùn pé, "Ẹyẹ ni," síbẹ̀ kò ní mọ̀ bóyá wọ́n mọ ohun tí ó sọ ọ́ di ẹyẹ. Nítorí náà ni àwa fi yan àwọn ẹ̀dá tí ìrísí wọn ń tan ojú jẹ. Ọ̀wọ́ márùn-ún ni kí àwọn ọmọ ti kọ́ kí ìdánwò yìí tó dé: afọ́mọlọ́mú, ẹyẹ, afàyàfà, agbómi-gbélẹ̀, àti ẹja. Máàkì méjì ni fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan fún ìdáhùn, ọ̀kan fún ìdí rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ

1. Àdán ní apá, ó sì ń fò. Inú ọ̀wọ́ wo ni ó wà?
2. Ògòǹgò kò lè fò. Inú ọ̀wọ́ wo ni ó wà?
3. Ìpẹ́ bo akika lára. Inú ọ̀wọ́ wo ni ó wà?
4. Ọ̀nì ń gbé inú omi, ó sì ń gun òkè. Inú ọ̀wọ́ wo ni ó wà?
5. Ọ̀pọ̀lọ́ àti alángbá ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, wọ́n sì ń yé ẹyin. Ọ̀wọ́ kan náà ha ni wọ́n bí?
6. Àrọ̀ kò ní ìpẹ́. Inú ọ̀wọ́ wo ni ó wà?

ÌDÁHÙN

1. Afọ́mọlọ́mú. Irun ni ó ní, kì í ṣe ìyẹ́. Awọ tí ó nà mọ́ ìka rẹ̀ ni ó fi ń fò, ó sì ń fún ọmọ lọ́mú. Òtítọ́ ni àwọn àgbà sọ pé àdán kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ kan náà ni òun àti eku.
2. Ẹyẹ. Ó ní ìyẹ́, kò sì sí ẹ̀dá alààyè mìíràn tí ó ní in àfi ẹyẹ.
3. Afọ́mọlọ́mú. Ó ní irun níkùn, ó sì ń fún ọmọ lọ́mú.
4. Afàyàfà. Ẹyin rẹ̀ ní èèpo, orí ilẹ̀ ni ó ń yé e sí, afẹ́fẹ́ ni ọmọ rẹ̀ sì ń mí láti ọjọ́ tí ó ti pa.
5. Rárá. Agbómi-gbélẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọ́: ẹyin rẹ̀ kò ní èèpo, inú omi ni ọmọ rẹ̀ ti ń mí bí ẹja kí ó tó hu ẹsẹ̀. Afàyàfà ni alángbá: ara rẹ̀ gbẹ, ó ní ìpẹ́, ẹyin rẹ̀ sì ní èèpo.
6. Ẹja. Ó ní lẹbẹ, ó sì ń fi ohun pupa abẹ́ ìdérí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ mí nínú omi.

Kí a má ṣe gba "ó ń yé ẹyin" ní ìdí, nítorí a ń rí ẹlẹ́yin nínú ọ̀wọ́ márààrún, ejò mìíràn sì wà tí ń bí ọmọ láàyè.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọmọ kan tí ó pe àdán ní ẹyẹ, tí ó pe akika ní afàyàfà, tí ó pe ọ̀nì ní agbómi-gbélẹ̀, tí ó sì gba ìdáhùn mẹ́ta yòókù láìsọ ìdí kan. Máàkì mẹ́ta nínú 12 ni tirẹ̀. Apá, ìpẹ́ àti ibùgbé ni ó ń wò. Kí olùkọ́ má ṣe tún orúkọ kà fún un. Kí ó mú ìyẹ́ adìyẹ àti irun ewúrẹ́ wá, kí ó sì bi í léèrè èwo ni ó jọ ti ara àdán.